Àga kan, ìgò méjì àti túùbù táyà: oṣù mẹ́ta mi lọ́dọ̀ kóòṣì ẹ́sítéètì wa

Ọmọ ọdún 61 ni mí, Ìbàdàn ni mo ń gbé. Nígbà tí ọ̀dọ́kùnrin kan nínú ẹ́sítéètì wa ní òun fẹ́ máa kọ́ wa ní eré ìdárayá láàárọ̀ ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, ₦8,000 lóṣù, mo bi í pé irinṣẹ́ dà. Ó ní kí kálukú gbé àga ìjẹun kan àti ìgò omi méjì wá.

Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ló kọ́kọ́ wọ̀n fún wa. Ti màmá kan lé ní 180. Ó ní kí wọ́n lọ rí dókítà ná, kò sì gba owó wọn. Ibẹ̀ ni ọkàn mi ti balẹ̀ sí i. Ó wá gbé àga mi ti ògiri kó má baà yọ̀, ó ní kí n ká ọwọ́ mọ́ àyà, kí n máa dìde, kí n máa jókòó, fún ìṣẹ́jú àáyá 30. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ péré ni mo lè dìde. Ó ní, "Mà, ó yẹ kí ẹ lè ṣe 12, ó kéré tán," ó sì kọ 8 sínú ìwé rẹ̀. Ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan la máa ń tún un ṣe.

Ìgò lítà 1.5 tó kún fómi jẹ́ kílò kan ààbọ̀. Bí mo bá ti lè gbé e sókè lẹ́ẹ̀mẹẹ̀ẹ́dógún láì sinmi, a ó da omi nù, a ó rọ iyanrìn gbígbẹ sí i, á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò méjì ààbọ̀. Ní ti ẹ̀yìn, túùbù táyà àlòkù ló so mọ́ irin géètì fún wa. A ó fà á títí ìgúnpá yóò fi kọjá ìhà, a ó sì dá a padà díẹ̀díẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ló ṣe ohun tó dùn mí. Ó pa wá pọ̀ mọ́ àwọn ọ̀dọ́, ó ní ká máa fò lórí kọnkéré. Orúnkún mi ọ̀tún wú. Ó ní ara tó ń ro lásán ni, èmi kò gbà. Ara ríro máa ń wà nínú ẹran ara, lọ́tùn-ún lósì, á sì máa rọlẹ̀ bó bá di ọjọ́ kẹta. Tèmi wà ní oríkèé kan ṣoṣo, ó wú, ó sì ń le sí i bí mo bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Mo fi hàn án. Ó tọrọ àforíjì, ó pín wa sí ọ̀nà méjì, ó sì fi gígun àtẹ̀gùn kékeré kan rọ́pò fífò fún àwa àgbà. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá tí mo fi sinmi, wíwú náà lọ.

Kò síbi tí a lè sá sí bí òjò bá dé, ìyẹn ṣì ń bí mi nínú. Oṣù Júùnù nìkan, a pàdánù ọjọ́ márùn-ún. Ẹni tó bá sì fẹ́ kí iṣan òun yọ dáadáa, ìgò iyanrìn kò ní pẹ́ fúyẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ìparí oṣù kẹta, mo dìde lẹ́ẹ̀mẹtàlá. Mo ti san owó oṣù kẹrin.