Companies House: bí mo ṣe fi ń wá orúkọ àtijọ́ kọ́ńpìnì, àti ibi tí agbára ẹ̀ mọ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ti ń lo wẹ́búsáìtì Companies House ọjọ́ pẹ́, ìyẹn ibi tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń kó orúkọ gbogbo kọ́ńpìnì sí, torí àwọn àgbà wa tó ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà kan tí wọ́n ti padà sílé máa ń fi ìwé pẹ́ńṣàn tàbí ìwé inṣọ́ránsì àtijọ́ ránṣẹ́ sí mi, orúkọ tó wà lórí ìwé yẹn ò sì sí níbì kankan mọ́. Ọ̀fẹ́ ni wẹ́búsáìtì yìí, ẹ ò ní forúkọ sílẹ̀, ẹ ò ní san kọ́bọ̀. Àwọn wẹ́búsáìtì kan wà tó ń gba owó lọ́wọ́ èèyàn fún ohun kan náà, ẹ má dá wọn lóhùn rárá.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí tí mo ṣe gbẹ̀yìn ṣàlàyé. Bàbá kan ní Abẹ́òkúta ya fọ́tò lẹ́tà kan ránṣẹ́ sí mi, Norwich Union ló wà gàdàgbà lókè, wọ́n ní, "Ọmọ mi, wọ́n ní kọ́ńpìnì yìí ti kú, ṣé owó mi náà ti bá a lọ nìyẹn?" Mo ní, "Rárá o, bàbá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi ya ìsàlẹ̀ ìwé yẹn dáadáa, ibi tí wọ́n kọ lẹ́tà wínníwínní sí." Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Òfin wọn ní kí kọ́ńpìnì kọ orúkọ tó fi forúkọ sílẹ̀ àti nọ́ńbà ẹ̀ sára lẹ́tà, ohun tí mo sì rí níbẹ̀ ni Norwich Union Life & Pensions Limited, nọ́ńbà 3253947.

Nọ́ńbà yẹn gan-an ni ká dì mú. Kọ́ńpìnì lè pààrọ̀ orúkọ bó ṣe wù ú, nọ́ńbà ẹ̀ ò ní yí padà títí tó fi máa kógbá wọlé. Àmọ́ nọ́ńbà ti England gbọ́dọ̀ pé mẹ́jọ kó tó wọlé, ìwé àtijọ́ sì máa ń fo òdo iwájú ẹ̀, torí náà ẹ fi òdo sí i kó di 03253947 (ti Scotland máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú SC, ti Northern Ireland NI). Ẹ tiẹ̀ lè tẹ̀ ẹ́ tààrà báyìí:

```
https://find-and-update.company-information.service.gov.uk/company/03253947
```

Ojú ewé tó ṣí, Aviva Life & Pensions UK Limited ló wà lórí ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wá sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ ẹ máa rí `Previous company names`, orúkọ àtijọ́ á wà lápá kan, ọjọ́ tí wọ́n fi jẹ́ ẹ á wà lápá kejì. Oṣù kẹfà ọdún 2009 ni Norwich Union di Aviva. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ẹ̀rí tí ẹnikẹ́ni ò lè bá yín jiyàn lé lórí, ẹ tẹ `Filing history`, ẹ máa wá ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `Company name changed`, ọjọ́ tí wọ́n fún wọn ní sátífíkéètì á wà níbẹ̀. Ọjọ́ tó wà lórí sátífíkéètì yẹn ni orúkọ tuntun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lójú òfin, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n pààrọ̀ pátákó iwájú ọ́fíìsì tàbí ọjọ́ tí wọ́n polówó ẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n.

Ibi tó ti ń dojú rú fún ọ̀pọ̀ èèyàn rèé. Wọ́n á ti gbọ́ pé Norwich Union ló di Aviva, wọ́n á wá lọ ṣí Aviva plc, kọ́ńpìnì ìyá, nọ́ńbà 02468686, wọ́n á wo orúkọ àtijọ́ ibẹ̀ títí, wọn ò ní rí Norwich Union. Commercial Union ló ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, ó di CGU lọ́dún 1998 nígbà tó da pọ̀ mọ́ General Accident, ó di CGNU lọ́dún 2000 nígbà tí Norwich Union dara pọ̀ mọ́ wọn, ó wá di Aviva lọ́dún 2002. Norwich Union kì í ṣe orúkọ tí kọ́ńpìnì ìyá jẹ́ rí, ilé tó wá bá wọn gbé ni, àwọn kọ́ńpìnì tó ń jẹ́ orúkọ yẹn di ọmọ lábẹ́ ẹ̀, kálukú pẹ̀lú nọ́ńbà tiẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé láti 2002 sí 2009 ìyá ń jẹ́ Aviva, àwọn oníbàárà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń gba lẹ́tà Norwich Union. Ohun tí ojú ewé yìí ń sọ fún yín ni ìtàn nọ́ńbà kan ṣoṣo, kò ní sọ ìtàn gbogbo mọ̀lẹ́bí fún yín, ẹ̀yin lẹ máa so wọ́n pọ̀ fúnra yín.

Ó tún kan ẹ̀yìn pátápátá. Ọdún 1797 ni Norwich Union ti wà, ṣùgbọ́n kọ́ńpìnì tó ni nọ́ńbà tó wà lórí ìwé bàbá yìí, ọdún 1996 ni wọ́n forúkọ ẹ̀ sílẹ̀. Ẹgbẹ́ alájọni ni Norwich Union látijọ́, àwọn tó ń san owó síbẹ̀ ló ni ín, ìgbà tó di 1997 ni wọ́n sọ ọ́ di ti onípín-ìdókòwò, kọ́ńpìnì tuntun ló wá gba iṣẹ́ náà. Tí ọjọ́ orí kọ́ńpìnì lórí Companies House bá kéré sí èyí tí wọ́n fi ń yangàn, ẹ mọ̀ pé ẹlòmíì ló gbé iṣẹ́ lé e lọ́wọ́, ẹ lọ wá onítọ̀hún.

Tí ẹ ò bá ní nọ́ńbà, ẹ lè fi orúkọ àtijọ́ wá a. Lábẹ́ èsì tó bá jáde ẹ máa rí `Matching previous names`, ìyẹn ni pé kọ́ńpìnì yìí ti jẹ́ orúkọ tí ẹ tẹ̀ yẹn rí. Àmọ́ ẹ yẹ ọjọ́ wò o, torí kọ́ńpìnì méjì nínú ilé kan lè pààrọ̀ orúkọ láàárín ara wọn, ẹ rí orúkọ kan lórí nọ́ńbà méjì. Èyí tó ń jẹ́ ẹ lọ́jọ́ tí wọ́n kọ ìwé yín ni tiyín.

Ohun tó ń dùn mí jù nípa wẹ́búsáìtì yìí ni orúkọ ìtajà, orúkọ tó wà lára ṣọ́ọ̀bù àti ọkọ̀. Kò sí níbẹ̀. Látọdún 1982 tí ìjọba ti pa ìwé ìforúkọsílẹ̀ orúkọ ìtajà rẹ́, kò sí ibì kan tí wọ́n ń kó gbogbo ẹ̀ jọ sí. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ báńkì tàbí inṣọ́ránsì, ẹ lọ sí Register ti FCA, àjọ tó ń bójú tó irú àwọn kọ́ńpìnì bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n máa ń to orúkọ ìtajà tòní àti tàná síbẹ̀. Ti kọ́ńpìnì tó jẹ gbèsè wọlé, ẹ wo The Gazette, ìwé ìkéde ìjọba wọn, wọ́n sábà máa ń kọ orúkọ ìtajà àti orúkọ àtijọ́ sínú ìkéde ibẹ̀.

Ó ṣẹlẹ̀ sí wa pẹ̀lú oníkágò kan tó gba ẹrù wa tí ẹrù ò dé Èkó. Orúkọ tó wà lára ọkọ̀ fáànù wọn ò sí lórí Companies House, orúkọ tó wà nísàlẹ̀ rìsíìtì ló wà níbẹ̀, ó sì ti kógbá wọlé. Mo tẹ orúkọ ọ̀gá wọn lábẹ́ `People`, gbogbo kọ́ńpìnì tó ti ṣe dáírẹ́kítọ̀ ẹ̀ jáde, òmíì wà níbẹ̀ tó fara jọ ti àkọ́kọ́, nọ́ńbà ẹ̀ yàtọ̀, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá a sílẹ̀ ni. Ìyẹn kì í ṣe ìyípadà orúkọ, kọ́ńpìnì míì ni, gbèsè ti tẹ́lẹ̀ ò sì bá a wá fúnra ẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ gbèsè ló jẹ́ kí wọ́n ti àkọ́kọ́ pa, òfin ò gbà kí dáírẹ́kítọ̀ ẹ̀ tún máa fi orúkọ tó jọ ọ́ ṣòwò fún ọdún márùn-ún láìgba àṣẹ kóòtù, àyàfi nínú ohun díẹ̀ tí òfin yọ sílẹ̀, torí náà ẹ tọ́jú rìsíìtì yín, ẹ sì ya fọ́tò fáànù yẹn tòun ti orúkọ ara ẹ̀.