Rándọ̀mù Fọ́rẹ́ẹ̀sì àbí Lọ́jísítíìkì fún Ẹ̀yáwó ní Kétu

Ká ní ẹgbẹ́ aláfowópamọ́ kan ní Kétu ní àkọsílẹ̀ ẹ̀yáwó 400, tí 36 nínú wọn kò padà wọlé, tí a sì fẹ́ kí kọ̀ǹpútà fi wọ́n kọ́ bí yóò ṣe mọ ẹni tí kò ní san. 36 yìí ni kí a máa wò, kì í ṣe 400: bí a bá fi ẹni mẹ́wàá tí kò san ti àmì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ohun tí a mọ̀ nípa ẹ̀yáwó, lẹ́yìn, àmì mẹ́ta tàbí mẹ́rin péré ni lọ́jísítíìkì, ọ̀nà tí ń fún àmì kọ̀ọ̀kan ní òǹkà tí a fi ń ṣírò ewu, lè gbé.

Bí òǹkà àmì “ó ti pẹ́ san rí” bá jẹ́ 0.7, `exp(0.7)` súnmọ́ 2, ìyẹn ni pé àmì náà ń sọ iye àwọn tí kì í san, sí iye àwọn tí ń san, di ìlọ́po méjì. Níbi tí ẹnì kan kì í ti í san fún mẹ́wàá tí ń san, yóò di méjì fún mẹ́wàá. Ewu náà á kúrò ní 9 nínú ọgọ́rùn-ún, á di 17, kì í ṣe 18. Ìyá alágbàdo tí wọn kò yá lówó lè gbọ́ ìdí yìí, kí ó sì jiyàn sí i.

Rándọ̀mù fọ́rẹ́ẹ̀sì, tí ń kó ìbò ọgọ́rọ̀ọ̀rún igi ìpinnu jọ, kò ní irú òǹkà bẹ́ẹ̀. Àtẹ ìwúlò àmì rẹ̀ kò sọ bóyá àmì kan ń gbé ewu sókè tàbí ó ń dín in kù. Lórí àkọsílẹ̀ tí ó fi kọ́ṣẹ́, ó lè fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣì rárá, ṣùgbọ́n ẹ̀yáwó tí kò tíì rí nìkan ni ìdánwò tòótọ́.

Síbẹ̀, ó lè fúnra rẹ̀ rí i pé owó ńlá léwu kí ìkórè tó dé, tí kò sì léwu lẹ́yìn rẹ̀. Bí ó bá borí ní ìdánwò, irú àsopọ̀ bẹ́ẹ̀ ni mo máa ń wá, tí mo sì ń fọwọ́ ara mi fi kún lọ́jísítíìkì.