Fèrèsé onígíláàsì méjì tí mo fi sí yàrá wa l'Ákùúrẹ́: owó àlàfo tó fẹ̀ dùn mí

Oṣù mẹ́rin rèé tí mo ti fi fèrèsé yìí sí yàrá wa ní Ìjàpọ̀. Ìwọ̀-oòrùn ni yàrá náà kọjú sí, ẹ́ésì kì í sinmi níbẹ̀ lọ́sàn-án. Ọ̀gá tó bá wa ṣe é ní oríṣi méjì: àlàfo àárín gíláàsì ìkan jẹ́ mìlímítà 20, ti ìkejì jẹ́ 30, owó rẹ̀ sì lé. "Ẹ̀gbọ́n, bí àlàfo bá ṣe fẹ̀ tó ni yàrá yín á ṣe tutù tó." Mo sanwó 30. Ẹnjinía ni mí o. Ẹ̀yìn ìgbà tí mo sanwó tán ni mo tó jókòó ṣírò rẹ̀.

Afẹ́fẹ́ tó dúró jẹ́ẹ́ kì í tètè jẹ́ kí ooru kọjá: k rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bí ooru ṣe ń rọrùn kọjá nínú rẹ̀ tó, jẹ́ nǹkan bíi 0.026. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tó fara kan gíláàsì ìta tó gbóná á gòkè, èyí tó fara kan gíláàsì inú á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á wá máa yí po, wọ́n á sì máa ru ooru wọlé. Láti ṣírò èyí, a máa ń ṣe bí ẹni pé afẹ́fẹ́ náà ò mira, a ó kàn sọ k rẹ̀ di púpọ̀:

```
k_eff = k * Nu
Nu = 0.42 * Ra^(1/4) * Pr^0.012 * (H/L)^(-0.3)
```

Nu ni iye ìgbà tí yíyí po yẹn fi sọ k di púpọ̀, Ra ń sọ bí afẹ́fẹ́ ṣe lágbára láti yí po tó, Pr jẹ́ nọ́ńbà tó ń bá irú afẹ́fẹ́ náà lọ, H ni gíga fèrèsé, L sì ni fífẹ̀ àlàfo. Fèrèsé mi ga ní mítà 1.2, ó fẹ̀ ní mítà 1. Ká ní gíláàsì ìta wà ní dígíríì 33, ti inú ní 25. Nínú àlàfo 30, Ra jẹ́ nǹkan bíi 20 000, Nu jẹ́ 1.64, k_eff di 0.043, ooru tó ń gba inú afẹ́fẹ́ náà wọlé fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wáàtì 14. Ní 20, Ra ò ju 6 000 lọ. Fọ́múlà yẹn ò gbà á mọ́, torí ó fẹ́ kí Ra tó 10 000, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ò fi bẹ́ẹ̀ yí po níbẹ̀, Nu ò sì jìnnà sí 1. Wáàtì 12 sí 13 ló máa wọlé. Ẹ ò rí i pé mìlímítà 10 tí mo fowó kún kò dín ohunkóhun kù! Àlàfo tó há jù náà ò dáa: 12 á jẹ́ kí wáàtì 21 wọlé.

Mo fi tẹ́ẹ̀pù oníbébà lẹ gíláàsì inú lókè àti nísàlẹ̀, mo yin tẹmómítà aláìfọwọ́kàn sí i láago mẹ́ta ọ̀sán. Òkè jẹ́ 27, ìsàlẹ̀ 24. Afẹ́fẹ́ tó ń yí po nìyẹn: òkè ló ti ń da ooru rẹ̀ sílẹ̀.

Èyí tó dùn mí jù ni pé k_eff ò ka ìtànṣán ooru tó ń fò láti gíláàsì dé gíláàsì mọ́ ọn. Lórí gíláàsì lásán bíi tèmi, ìyẹn nìkan tó wáàtì 43, bí àlàfo ṣe fẹ̀ tó ò sì kàn án. Oòrùn tó ń là á kọjá tààrà ò tíì sí nínú rẹ̀. Gíláàsì tí wọ́n fi nǹkan tín-ínrín kùn lójú tó kọjú sí àlàfo ló ń dín ìtànṣán ooru yẹn kù.

Ẹ́ésì ń sinmi díẹ̀ báyìí, ariwo ọ̀kadà sì ti lọ sílẹ̀ gan-an. Mi ò ní purọ́ mọ́ fèrèsé náà. Ṣùgbọ́n ti yàrá àwọn ọmọ, mo ti sọ fún ọ̀gá: 20, kí gíláàsì rẹ̀ sì jẹ́ èyí tí wọ́n kùn.