Kọ́ọ̀lù 105 àbí 110: èwo ni ká tà?

Ká ní ṣíà kan wà ní $100, tí iléeṣẹ́ rẹ̀ fẹ́ kéde èrè lọ́la. Kọ́ọ̀lù 100 tó ń parí lọ́sẹ̀ yìí, ìyẹn ẹ̀tọ́ láti ra ṣíà náà ní $100, jẹ́ $4; pútù 100, ẹ̀tọ́ láti tà á ní $100, náà jẹ́ $4. Àpapọ̀ wọn, $8, ni ìrìn tí ọjà ń retí, lókè tàbí nísàlẹ̀.

Bí o bá ní ṣíà náà, tí o ta kọ́ọ̀lù 105, wàá gba nǹkan bí $2, ṣùgbọ́n ìrìn tí ọjà ń retí, tó lè gbé e dé $108, ti kọjá ibẹ̀. Ṣíà lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ ní $105. Kọ́ọ̀lù 110 ò mú ju $0.80 wá, àmọ́ ó kọjá $108. Èmi á mú 110, torí mi ò fẹ́ kí ṣíà náà lọ. Ẹ má sì fi $8 ṣe òpin o: ìpíndọ́gba ni, ìrìn lè jù ú lọ níwọ̀n ìgbà 4 nínú 10.