Gbígba àyè lórí sáìtì ṣọ́ọ̀bù irun: ohun tí ojú mi rí láàárín oṣù mẹ́rin

Ọjọ́ Sátidé ló máa ń burú jù. Ọwọ́ mi á wà nínú irun, fóònù á máa dún. Tí mo bá gbé e, kò ju “Àǹtí, ṣé àyè wà?” lọ. Tí n kò bá gbé e, onítọ̀hún ti lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Àbúrò mi tó ṣe sáìtì fún mi lórí WordPress ló bá mi fi ohun tí oníbàárà fi ń gba àyè fúnra rẹ̀ sí i: á yan irú irun, á yan ọjọ́ àti aago, á san ₦2,000 sílẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, àfi bíi pé mo fowó ra wàhálà. Wákàtí kan ni wọ́n ti kọ síwájú iṣẹ́ gbogbo, a ò sì yí i padà. Ta ló ń di nọ́tílẹ́ẹ̀sì kéékèèké ní wákàtí kan? Nígbà tó fi máa di aago 11, èèyàn mẹ́ta ti jókòó tì mí, oníkálùkù ń na fóònù sí mi pé aago òun rèé. Lálẹ́ ọjọ́ náà ni mo kọ ọ́ bó ṣe rí gan-an: nọ́tílẹ́ẹ̀sì kéékèèké wákàtí mẹ́fà, rítọ́ọ̀ṣì wákàtí kan ààbọ̀, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láàárín oníbàárà méjì ká lè gbálẹ̀ ká fọ kóòmù. Mo tún yọ nọ́tílẹ́ẹ̀sì kúrò lábẹ́ orúkọ ọmọ iṣẹ́ mi, torí kò tíì mọ̀ ọ́n dì.

Èyí tó fẹ́ dójú tì mí ni ti aago. Oníbàárà kan dé ní aago mẹ́sàn-án, ó bá ilẹ̀kùn ní títì. Ímeèlì rẹ̀ sọ pé mẹ́sàn-án. Kàlẹ́ńdà fóònù tèmi sọ pé mẹ́wàá. Àṣé aago àgbáyé tí wọ́n ń pè ní UTC ni sáìtì náà ń lò látìgbà tí wọ́n ti ṣe é, wákàtí kan ni tiwa sì fi ṣíwájú rẹ̀. A wọ `Settings`, `General`, a yan `Lagos` níbi `Timezone`. Ṣùgbọ́n àwọn tó ti gba àyè ṣáájú kò tún ara wọn ṣe, ni mo bá ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi tí mo ń sá fún fóònù!

Ohun tó ṣì ń bí mi nínú ni owó àsansílẹ̀. Tí báǹkì bá falẹ̀ ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, àyè á ti ṣí fún ẹlòmíràn, owó á sì wọlé lẹ́yìn náà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti dá owó padà. Síbẹ̀, n kò ní yọ ọ́, torí kó tó wà, àwọn kan á gba àyè, wọn ò ní yọjú.

Ìpè ti dínkù gidi, kò tán. Màmá kan wà tó sọ fún mi pé, “Ìwọ ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe ẹ̀rọ.” Kí n tó gbé fóònù kúrò létí ni mo máa ń tẹ orúkọ wọn sínú sáìtì fúnra mi, torí lọ́jọ́ tí mo gbàgbé, ẹlòmíràn ti gba aago wọn.