Àtúnṣe àwọ̀ àti lẹ́tà tó mú mi padà sídìí géèmù Lúdò

Ojú mi kì í ya pupa àti àwọ̀ ewé sọ́tọ̀ dáadáa. Bí wọ́n ṣe bí mi nìyẹn. Lórí ọ̀pọ́n Lúdò, síìdì pupa àti ti ewé máa ń jọ amọ̀ lójú mi. Ìdí nìyí tí mo fi pa géèmù tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan ṣe ní Tankẹ, Ìlọrin, tì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni àwọn yòókù fi ń ṣeré ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Ọ̀fà.

Àtúnṣe àkọ́kọ́ tó gbé jáde kò wúlò fún mi. Àwọ̀ kan ló dà bo gbogbo ojú fóònù. Ọ̀pọ́n yí padà, síìdì yí padà, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ṣì jọra. Mo kọ̀wé sí i, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní sùúrù, màá tú u palẹ̀ ni." Ó sì ṣe é.

Ó ṣàlàyé fún mi pé pupa gidi ni wọ́n fi ya àwòrán síìdì. Ńṣe ni Godot, ètò kọ̀ǹpútà tó fi ṣe géèmù náà, máa ń fi àwọ̀ tuntun sọ àwọ̀ àwòrán di púpọ̀. Pupa yẹn kò ní búlúù kankan nínú, búlúù tó fẹ́ lò náà kò ní pupa, nítorí náà dúdú ló ń jáde. Ó tún gbogbo síìdì yà ní funfun, kóòdù ló wá ń kùn wọ́n:

```
siidi.modulate = Color("0072B2")
```

Búlúù nìyẹn. Àwọn yòókù ni D55E00, pupa tó fà sí ọsàn, 56B4E9, búlúù ojú ọ̀run, àti F0E442, yẹ́lò. Inú àkójọ tí Masataka Okabe àti Kei Ito ṣe ló ti mú wọn. Ó tún fi àmì sórí síìdì kọ̀ọ̀kan: róbótó, onígun mẹ́ta, onígun mẹ́rin, ìràwọ̀. Èyí ni mo fẹ́ràn jù, torí bí oòrùn ọ̀sán bá tàn sójú fóònù, mo ṣì máa ń mọ tèmi. Ẹ̀yin tí ojú yín mọ àwọ̀, ẹ lọ sí Developer options lórí Android, ẹ tẹ Simulate color space, kí ẹ mú Deuteranomaly. Ẹ wo ọ̀pọ́n àtijọ́, kí ẹ wá wo ti ìsinsìnyí.

Lẹ́tà náà ṣeé fẹ̀ dé 200%. Lákọ̀ọ́kọ́, tí mo bá ti fà á dé 150%, àmì ohùn á gé lórí, àmì ìsàlẹ̀ ẹ àti ọ á pòórá, nítorí pé àpótí ọ̀rọ̀ kò kúrò ní gíga kan. Ní báyìí, àpótí ń bá lẹ́tà dàgbà, gbólóhùn gígùn sì ń bọ́ sí ìlà kejì.

Ibì kan ló kù. Àwòrán ni ọ̀rọ̀ tó wà lára bọ́tìnnì "Bẹ̀rẹ̀" àti "Padà", nítorí náà wọn kì í tóbi rárá. Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un. Tó bá fi lẹ́tà gidi rọ́pò àwọn àwòrán yẹn, màá fi ìkarùn-ún kún un.