Pùróòbù 100 MHz tó ní 1X àti 10X: àgbéyẹ̀wò fún ẹni tó ń wọn iná tó ń yára

Pùróòbù tí àgbéyẹ̀wò yìí dá lé ni irú èyí tó máa ń wà nínú páálí síkópù olówó pọ́ọ́kú: ó ní súìṣì kékeré 1X àti 10X lára, wọ́n sì kọ 100 MHz sí i. Ẹni tó bá ń tún ínfátà ṣe ní Òṣogbo, ì báà jẹ́ ní Ìgbóná tàbí Òkè-Fìà, á ti mọ̀ ọ́n. Irinṣẹ́ gidi ni lójú tèmi. Ṣùgbọ́n 100 MHz tí wọ́n kọ sára rẹ̀ kì í jẹ́ òótọ́ àfi tí ẹni tó ń lò ó bá ṣe ohun méjì: kó tún un ṣe kó bá síkópù mu, kó sì mú kí ọ̀nà gíráùndì rẹ̀ kúrú. Wọ́n sábà máa ń ṣe ti àkọ́kọ́, wọ́n á wá fi ti ìkejì sílẹ̀.

Tí súìṣì bá wà ní 10X, rẹsítọ̀ 9 MΩ kan ló wà lórí pùróòbù, kápásítọ̀ kékeré kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Síkópù ní 1 MΩ tirẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí iná bá ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, rẹsítọ̀ méjèèjì ló ń pín fóltéèjì sí ọ̀nà mẹ́wàá. Tó bá ti ń yára, àwọn kápásítọ̀ ló ń pín in. Ká ní okùn pùróòbù àti ẹnu síkópù jọ jẹ́ 144 pF, kápásítọ̀ orí pùróòbù gbọ́dọ̀ jẹ́ 16 pF kí ìpín méjèèjì tó dọ́gba, nítorí 16 lọ́nà mẹ́sàn-án ni 144. Skúrù kékeré tó wà lórí pùróòbù, tàbí ní ìdí rẹ̀ níbi tó ti wọ síkópù, ni a fi ń mú wọn dọ́gba.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Sún súìṣì sí 10X, nítorí ní 1X skúrù yẹn kò ní yí ohunkóhun padà. Sọ fún síkópù náà pé 10X ni, fi ẹnu ọ̀nà sí DC, kí o wá fi orí pùróòbù kọ́ irin kékeré tó ń mú ìgbì 1 kHz jáde níwájú síkópù. Ní 200 µs fún ojú àpótí kan, ìgbì méjì á hàn dáadáa. Tí igun ìgbì bá rí roboto, tó ń rá gòkè díẹ̀díẹ̀, kápásítọ̀ orí pùróòbù kéré jù. Tí igun náà bá yọ ṣóńṣó sókè kó tó padà wálẹ̀, ó ti pọ̀ jù. Máa yí i títí òkè ìgbì á fi tẹ́ pẹrẹsẹ. Irin tí a fi ṣe sikurudíráfà máa ń da ìwọ̀n yìí rú, nítorí náà onírọ́bà tó wà nínú páálí ni kí o lò, kí o sì wo ìgbì lẹ́yìn tí o bá ti yọ ọ́ kúrò. Tí o bá gbé pùróòbù lọ sí ẹnu ọ̀nà kejì, tún un yẹ̀ wò, nítorí kápásítọ̀ ẹnu ọ̀nà méjèèjì kì í dọ́gba délẹ̀.

Ẹni tó bá rò pé igun ìgbì tó yọ díẹ̀ kò ṣe nǹkan, ẹ jẹ́ kó wo ọ̀rọ̀ yìí nínú ínfátà. Géètì mọ́sífẹ́ẹ̀tì ń gba 12 V ní 50 kHz. Ká ní kápásítọ̀ orí pùróòbù fi ìdá kan nínú márùn-ún pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ìyẹn 19.2 pF dípò 16. Ìpín wá di 19.2 lórí 163.2, kì í ṣe ìdá kan nínú mẹ́wàá mọ́. Síkópù á sọ pé láti ìsàlẹ̀ dé òkè ìgbì jẹ́ 14.1 V. Igun náà kò tiẹ̀ ní hàn nítorí àyípo kan kò ju 20 µs lọ, nígbà tí ó máa ń gba nǹkan bí 150 µs kí àṣìṣe náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀ dáadáa. Gbogbo ìgbì á rí bí ẹni pé kò ní àbùkù, bẹ́ẹ̀ 2 V tí kò sí níbẹ̀ ló ń fi hàn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wá ẹ̀bi lára dírafà tó wà láàyè.

Ṣùgbọ́n ìgbì 1 kHz tó tẹ́ pẹrẹsẹ kò sọ nǹkan kan nípa 50 MHz. Okùn gíráùndì dúdú tó ní kílíìpù lórí ló ń pinnu ìyẹn. Okùn 15 cm jẹ́ nǹkan bí 150 nH. Òun pẹ̀lú bíi 15 pF tó wà lẹ́nu pùróòbù á máa gbọ̀n ní

```
f = 1 / (2π√(LC)) ≈ 106 MHz
```

Nítorí náà, nígbà tí mọ́sífẹ́ẹ̀tì bá ṣí tàbí tì lójijì, ìgbì á gbọ̀n jìgìjìgì lójú síkópù, onítọ̀hún á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi rẹsítọ̀ àti kápásítọ̀ kún bọ́ọ̀dù láti pa ohun tí kò sí nínú rẹ̀. Yọ kílíìpù náà, yọ ìkọ́ orí pùróòbù, kí o fi sípíríǹgì kékeré tó wà nínú páálí sí ọrùn rẹ̀, kó kan gíráùndì tó sún mọ́ ibi tí o ń wọn gan-an. Ọ̀nà 1 cm kò ju nǹkan bí 10 nH lọ, ìgbọ̀n rẹ̀ á sì kọjá 400 MHz, níbi tí síkópù kò ti ní rí i. Tí ìgbọ̀n bá yí padà nígbà tí o yí okùn padà, ti pùróòbù ni. Tó bá dúró bó ṣe wà, ti bọ́ọ̀dù ni, kí o wá tún bọ́ọ̀dù ṣe. Ìdánwò mìíràn: fi orí pùróòbù kan ojú gíráùndì kan náà tí kílíìpù wà. Ohun tó bá ṣì hàn níbẹ̀, inú afẹ́fẹ́ ni okùn ti gbé e.

Ní ti 100 MHz fúnra rẹ̀, kì í ṣe ibi tí ìwọ̀n ti ń péye dé. Ibi tí 1 V ti ń di 0.71 V ni. Tí pùróòbù 100 MHz bá wà lára síkópù 100 MHz, àwọn méjèèjì jọ ń ṣe nǹkan bí 71 MHz. Àkókò ìgòkè ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 0.35 lórí 100 MHz, ìyẹn 3.5 ns, méjèèjì pọ̀ sì jẹ́ gbòǹgbò àròpọ̀ 3.5² àti 3.5², ìyẹn nǹkan bí 5 ns. Ìgòkè tó jẹ́ 20 ns ní tòótọ́ á hàn bíi 20.6 ns, ìyẹn kò burú rárá. Èyí tó jẹ́ 2 ns á hàn bíi 5.3 ns: irinṣẹ́ rẹ lò ń wọn níbẹ̀, kì í ṣe bọ́ọ̀dù. Ní 1X ọ̀rọ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí pùróòbù yìí kì í kọjá nǹkan bí 6 MHz níbẹ̀, kò sì sí ìgòkè tó lè yára ju 58 ns lọ lójú rẹ̀. Kí o sì wò ó bóyá 20 MHz tí síkópù fi ń dín ariwo kù ṣì wà ní títan.

Ohun kan wà tí n kò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni fojú fò. 10 MΩ tí wọ́n kọ sára pùróòbù, DC nìkan ló wà fún. Ní 100 MHz, 15 pF yẹn dà bíi 106 Ω lórí ohun tí o ń wọn, ó sì lè yí ìgbì náà padà pátápátá. Fún irú iná bẹ́ẹ̀, fi rẹsítọ̀ 470 Ω sórí okùn 50 Ω tín-ín-rín, kí o fi 50 Ω parí rẹ̀ lẹ́nu síkópù. Ó ń pín in sí 10.4, ẹrù rẹ̀ sì jẹ́ 520 Ω láti DC títí dé òkè, tí o bá so rẹsítọ̀ náà mọ́ bọ́ọ̀dù pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó kúrú. Kì í ṣe fún ẹ̀gbẹ́ 230 V ínfátà o: 520 Ω yẹn á jóná, kílíìpù gíráùndì síkópù tó wọ ilẹ̀ á sì fa ṣọ́ọ̀tì.